Káàdì kan POS, ẹ̀rọ dún, owó ò wọlé. Kí ló fà á?

Ìyá_Oníṣọ́ọ̀bù_Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọjà wẹ́wẹ́ ni mò ń tà ní Kubwa, POS mi sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi káàdì kàn lásán, láì ki káàdì bọ inú rẹ̀. Oníbàárà kan ra ọjà ₦8,600. Ó fi káàdì kan ojú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dún píì, iná aláwọ̀ ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn, ó kó ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo yẹ rìsíìtì wò, ohun tó wà níbẹ̀ ni `Declined`, lábẹ́ rẹ̀ ni `Response Code 91`. Bí owó ò bá lọ, kí ni ẹ̀rọ ń dún fún?

Àti pé ẹnì kan á ra ọjà ₦12,000, ẹ̀rọ ò ní béèrè PIN. Ẹlòmíì á ra ₦3,000, ó ní kó tẹ PIN. Káàdì àwọn míì tilẹ̀ wà, bí wọ́n fi kàn án títí, ẹ̀rọ á máa wò wọ́n ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀wọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ_Sabon_Gari
Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Tó bá ti dún, owó ti kúrò lọ́wọ́ oníbàárà nìyẹn. Ẹ fọkàn balẹ̀, tó bá di ọ̀la á wọlé.

Atúnṣe_POS_Wuse
Àbúrò Sabon Gari, o gba apá kan níbẹ̀: nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dídún yẹn kò sọ nǹkan kan nípa owó, ẹ má jẹ́ kí màmá máa retí ohun tó lè má dé.

Ìpele méjì ló wà níbi ká fi káàdì kan POS, ìpele kìíní nìkan sì ni ẹ̀rọ ń dún fún. Ìyẹn ìpele tó wà láàárín káàdì àti POS fúnra wọn. Káàdì ò ní bátìrì. Wáyà tín-ínrín kan wà nínú ike rẹ̀ tó yí etí rẹ̀ po, tó sì ń bá ṣíìpù ṣiṣẹ́. POS náà ní wáyà tirẹ̀ lábẹ́ ojú rẹ̀, ó ń tú agbára òòfà jáde láti ibẹ̀ lórí ìgbì 13.56 MHz. Agbára yẹn ni wáyà káàdì ń gbà tí ṣíìpù fi ń jí. Kì í lọ jìnnà rárá: tí àlàfo bá ti ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, káàdì ò ní rí iná tó máa lò.

Tí ṣíìpù bá ti jí, POS á kọ́kọ́ bi í irú káàdì tó jẹ́, bóyá Verve tàbí Visa tàbí Mastercard. Lẹ́yìn náà á fún un ní iye owó ọjà, déètì, àti nọ́ńbà kan tí POS ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ fún ọjà yẹn nìkan. Ṣíìpù á da àwọn wọ̀nyí pọ̀ mọ́ iye ìgbà tí wọ́n ti lo káàdì náà, á fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó wà nínú rẹ̀ ṣe ìṣirò lórí wọn, á sì dá àmì kan padà. Àmì tòní kò wúlò fún ọjà ọ̀la. Gbogbo eléyìí kì í sábà ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ, ibẹ̀ sì ni POS ti ń dún. Ohun tó ń sọ ni pé, “mo ti gba ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ káàdì, ẹ lè gbé e kúrò.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpele kejì ni ti owó. POS á gba orí síìmù tàbí Wi-Fi tirẹ̀ fi àmì yẹn àti iye owó ránṣẹ́ sí àwọn tó ni POS, wọ́n á gbé e kọjá sí báǹkì tó fún oníbàárà ní káàdì. Báǹkì yẹn ló máa yẹ àmì náà wò, tó máa wò bóyá owó wà, tó sì máa dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà méjì. `00` nìkan ni owó. `51` ni pé owó tó wà nínú àkáùǹtì kò tó. `91` tó wà lórí rìsíìtì yín ni pé báǹkì oníbàárà, tàbí ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà, kò dáhùn. Káàdì náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa, POS yín náà ṣe tirẹ̀. Iwájú ni ọ̀nà ti gé.

Nítorí náà, ẹ má wo iná, ẹ má gbọ́ ti píì. Ẹ dúró di ìgbà tí `Approved` bá jáde lójú ẹ̀rọ, kí ẹrù tó kúrò lórí tábìlì.

Tẹ́lọ̀_Nyanya
Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa gba owó bébà lọ́wọ́ wọn, ó dára jù. Lónìí-lónìí, àléètì ayédèrú ti pọ̀ jù.

Ọmọ_Sabon_Gari
Tẹ́lọ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ tírańsífà níbí o. Káàdì ni wọ́n ń wí.

Ẹ̀gbọ́n Wuse, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé `Declined` á jáde, oníbàárà á sì rí àléètì pé wọ́n ti yọ owó. Kí la fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Akọ̀wé_Minna
Òótọ́ ni, ó ń ṣẹlẹ̀, inú `91` àti ìgbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ láì sọ nǹkan kan ló sì ti wọ́pọ̀ jù. Báǹkì oníbàárà lè ti yọ owó, kí ìdáhùn rẹ̀ sọnù lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ POS. Tí POS bá dúró tí kò rí ìdáhùn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìkéde mìíràn ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá owó náà padà. Tí ìkéde yẹn náà ò bá rí ọ̀nà lọ, owó á há sáàárín: kò sí lọ́wọ́ oníbàárà, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà.

Màmá, ẹ wo rìsíìtì ₦8,600 yẹn dáadáa. Ẹ máa rí `RRN`, nọ́ńbà méjìlá ni. Ẹ máa rí `Terminal ID`, ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ. Ẹ pe àwọn tó fún yín ní POS, ẹ fún wọn ní méjèèjì, pẹ̀lú iye owó àti aago tó wà lórí ìwé. `RRN` ni wọ́n fi ń wá a, orúkọ oníbàárà ò wúlò fún wọn. Tí wọ́n bá sọ pé kò yọrí sí rere, ẹ̀yin ẹ ò gba owó kankan nìyẹn, ẹ ní láti wá oníbàárà kó san án. Tí wọ́n bá yọ owó níbi tirẹ̀, báǹkì tirẹ̀ ló máa dá a padà fún un, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ má ṣe fún un ní owó láti inú dúrọ́ọ̀ yín kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí owó kan náà lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tó bá tún ṣẹlẹ̀ tí oníbàárà ṣì wà níwájú yín, ẹ kọ́kọ́ ní kó wo àkáùǹtì rẹ̀ kí ẹ tó fi káàdì kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Fífi kàn án lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe àtúnṣe ti àkọ́kọ́. Ọjà tuntun ni, pẹ̀lú àmì tuntun.

Ọ̀dọ́_Gwarinpa
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìṣòro. Wọ́n ní fóònù náà lè ṣe bíi káàdì. Mo tan NFC, mo fi fóònù kan POS ní ilé ìtajà ńlá kan, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ṣé dátà mi tó ti tán ló fà á ni?

Onífóònù_Banex
Kì í ṣe dátà. POS ló nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fóònù ò nílò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Títan NFC nìkan ò tó, àbúrò. Ó kàn jí áńtẹ́nà fóònù ni. Tí kò bá sí káàdì kankan nínú fóònù, kí ni POS fẹ́ bá sọ̀rọ̀? Ápù kan gbọ́dọ̀ wà tí o ti forúkọ káàdì rẹ sí, báǹkì rẹ sì gbọ́dọ̀ gbà kí káàdì náà wọ inú ápù yẹn. Tí wọ́n bá gbà, kì í ṣe nọ́ńbà ara káàdì rẹ gan-an ni wọ́n máa ń fi sínú fóònù. Nọ́ńbà adípò ni, báǹkì rẹ àti ilé iṣẹ́ tó ni irú káàdì náà ló mọ̀ pé ìwọ ló ni ín. Tí fóònù bá sọnù, nọ́ńbà adípò yẹn ni wọ́n máa pa, káàdì ọwọ́ rẹ á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Lórí Android, ṣí `Settings`, tẹ `NFC` síbi ìwákiri. Tí kò bá jáde rárá, fóònù rẹ ò ní ṣíìpù rẹ̀, kò sì sí ápù tó lè fi sí i. Ọ̀pọ̀ fóònù owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà níbí ni kò ní in, ẹ máa bèèrè kí ẹ tó san owó. Tó bá jáde, tàn án, kí o wọ `Contactless payments`, kí o yan ápù tí káàdì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣí títìpa ojú fóònù kí o tó fi kan POS. Tí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ wọn kì í dáhùn rárá.

Ẹ̀yìn fóònù, lẹ́bàá kámẹ́rà, ni áńtẹ́nà wà lára ọ̀pọ̀ Android. Ti iPhone wà lókè pátápátá. Àwọn ènìyàn á máa fi ìsàlẹ̀ fóònù kan ẹ̀rọ, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.

Akọ̀wé_Minna
Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ dátà yẹn. Òótọ́ ni pé kò nílò dátà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe títí láé. Nínú ọ̀pọ̀ ápù Android, báǹkì máa ń kó ìwọ̀nba kọ́kọ́rọ́ sínú fóònù fún iye ìgbà díẹ̀. Tí o bá lò wọ́n tán láì tíì rí íńtánẹ́ẹ̀tì, ápù á kọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ dátà tó ti tán yẹn kò ṣàìní ìdí.

Onífóònù_Banex
Mo gbà. Ẹni tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ nìyẹn sì kàn. Ẹni tí kò tíì fi káàdì sí i rárá, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń kó ìdàrúdàpọ̀ bá àwọn ènìyàn. Ápù kan lè ní ibi tí wọ́n kọ `Tap to Pay` sí, kó sì jẹ́ pé ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fóònù di POS láti *gba* owó lọ́wọ́ ẹlòmíì. Òdìkejì ohun tí o fẹ́ ni. Ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa kí o tó tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀dọ́_Gwarinpa
Áà! Mi ò fi káàdì kankan sí i. NFC nìkan ni mo tàn. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.

Baba_Kàdúná
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò rí ewu tó wà níbẹ̀ ni? Ẹnì kan lè gbé POS sínú àpò, kó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú èrò ọjà Wuse, kó fi kan àpò yín, kó sì yọ owó láì béèrè PIN. Fóìlì ni mo fi wé káàdì tèmi. Ẹni tó bá gbọ́n, kó ní kí báǹkì pa á pátápátá.

Atúnṣe_POS_Wuse
Baba, ẹ kú ìmọ̀ràn. Fóìlì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, irin máa ń dí agbára òòfà náà lọ́nà. Ṣùgbọ́n olè tí ẹ ń wí yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó gbọ́dọ̀ ti tẹ iye owó sórí ẹ̀rọ, kó sún mọ́ àpò yín dé sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, kó sì dúró síbẹ̀ títí káàdì á fi dáhùn tán. Tí káàdì bá jẹ́ méjì nínú pọ́ọ̀sì yín, méjèèjì á jí pọ̀, ẹ̀rọ á kọ `Present one card only`, kò ní mú ọ̀kankan. Tó bá tilẹ̀ bọ́ sí i, inú àkáùǹtì tó forúkọ rẹ̀ gba POS ni owó máa wọ̀, ó ti fi ojú ara rẹ̀ hàn nìyẹn.

Èyí tí mo rò pé ó yẹ kẹ́rù bani díẹ̀ ni ti fóònù. Fóònù tó ní NFC lè ka nọ́ńbà ojú káàdì àti déètì ìparí rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ káàdì. Kò lè rí nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣe káàdì ayédèrú tí wọ́n á máa fi kan POS, torí kọ́kọ́rọ́ àṣírí kì í jáde láti inú ṣíìpù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe tún lè lo fóònù méjì: ọ̀kan á wà lẹ́bàá káàdì yín, èkejì á wà lẹ́bàá POS níbòmíì, wọ́n á máa gbé ọ̀rọ̀ káàdì yín láti ọ̀kan dé èkejì lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ṣeé ṣe, mi ò ní tàn yín.

Akọ̀wé_Minna
Káàdì tó sọnù ni ẹ jẹ́ ká bẹ̀rù, Baba. Ẹni tó bá rí i he lè fi ra nǹkan láì mọ PIN, títí ẹ máa fi pè pé kí wọ́n pa á. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà tí báǹkì yín ń lò fún ìyẹn sínú fóònù, kó má jẹ́ ìgbà tó bá sọnù lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a.

Èyí mú mi dé ìbéèrè màmá nípa PIN. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà jáde: ₦15,000 ni owó tó pọ̀ jù tí wọ́n lè fi kan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan láì fìdí ara wọn múlẹ̀, ₦50,000 sì ni àpapọ̀ rẹ̀ lójúmọ́. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, PIN tàbí ìtẹ̀ka tàbí irú ìfìdímúlẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Àpapọ̀ ojúmọ́ yẹn lẹ máa ń gbàgbé. Ẹ jẹ́ ká ní oníbàárà ti fi káàdì kàn án ní ilé epo láàárọ̀, ₦14,000. Ó tún fi ra oògùn ní Garki, ₦14,000. Ó fi ra oúnjẹ ọ̀sán àti ẹrù fún ilé, ₦14,500, lẹ́yìn náà ni ₦6,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ti di ₦48,500. Tó bá wá dé ṣọ́ọ̀bù yín ní ìrọ̀lẹ́ fún ọjà ₦3,000, á di ₦51,500, ẹ̀rọ á béèrè PIN. Ẹni tó ra ₦12,000 lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì ná nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, kò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ò lè rí ìyẹn lójú POS yín, báǹkì rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Alájà_Jọ́ọ̀sì
Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo o, Akọ̀wé. POS tó wà lọ́wọ́ mi ń béèrè PIN fún ₦500. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé láàárọ̀ pàápàá, á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àpapọ̀ wo ló ti pé ní aago mẹ́jọ àárọ̀?

Akọ̀wé_Minna
Ìyẹn á jẹ́ bí wọ́n ṣe ṣètò POS náà, tàbí káàdì. Òkè tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá ni ìlànà náà, kò fi dandan lé e pé kí ẹnikẹ́ni má béèrè PIN nísàlẹ̀ rẹ̀.

Alájà_Jọ́ọ̀sì
Mo bi àwọn tó fún mi ní POS, wọ́n ní báǹkì oníbàárà ni. Oníbàárà bi báǹkì rẹ̀, wọ́n ní POS ni. Èwo ni ká gbà?

Atúnṣe_POS_Wuse
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi káàdì báǹkì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dán an wò, owó kékeré. Tó bá béèrè PIN lọ́wọ́ gbogbo wọn, ìṣètò POS ló ṣeé ṣe jù. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ẹ mú ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni káàdì. Ibi tó bá sì ti béèrè PIN, ẹ yí ojú ẹ̀rọ sí oníbàárà kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. POS míì á ní kó ki káàdì bọ inú rẹ̀ kí ó tó gba PIN, òmíì á gbà á láì ki káàdì bọ inú rẹ̀. Méjèèjì tọ̀nà.

Ìyá_Oníṣọ́ọ̀bù_Kubwa
Ẹ ṣeun gan-an, ó ti ń yé mi. Àwọn káàdì tí kì í dáhùn rárá ńkọ́? Tí a bá kì í bọ inú ẹ̀rọ, ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bọ̀ láti Central Area ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó ń fi káàdì kọ́ ọrùn pẹ̀lú káàdì ibi iṣẹ́.

Atúnṣe_POS_Wuse
Màmá, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín. Tí wọ́n bá lu ihò sí etí káàdì kí wọ́n lè fi okùn kọ́ ọ, ihò yẹn lè gé wáyà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó yí etí rẹ̀ po. Ojú wúrà ṣíìpù kò fara pa, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ tí ẹ bá kì í bọ inú ẹ̀rọ. Káàdì tí wọ́n jókòó lé lórí títí tó fi tẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí àtúnṣe, wọ́n á gba òmíì ní báǹkì.

Tí káàdì ò bá ní ihò, ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá àmì ìlà mẹ́rin tó tẹ̀ bíi ìgbì wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, wọn ò ṣe é fún fífi kàn. Tó bá wà, ẹ bi oníbàárà bóyá tuntun ni: àwọn báǹkì kan kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ àfi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ ki káàdì bọ inú POS tàbí ATM, tí wọ́n sì tẹ PIN.

Onífóònù_Banex
Èyí tó ń fi kọ́ ọrùn pẹ̀lú káàdì ibi iṣẹ́ nínú ike kan náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ káàdì tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì náà ní wáyà tirẹ̀, àwọn kan sì wà lórí ìgbì kan náà. Ẹ ní kó yọ ti báǹkì sọ́tọ̀ kó tó fi kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fi káàdì há ẹ̀yìn fóònù, tó wá ń fi fóònù san owó: ẹ̀rọ lè mú káàdì dípò fóònù, owó á jáde níbi tí kò fọkàn sí.

Alájà_Jọ́ọ̀sì
Mo ti dán an wò pẹ̀lú káàdì mẹ́ta, ₦200 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì béèrè PIN, ọ̀kan ò béèrè. Atúnṣe, kí la fẹ́ sọ sí èyí?

Atúnṣe_POS_Wuse
Ó jẹ́ pé POS yín gba kó má béèrè nìyẹn, ó kéré tán fún irú káàdì kan. Ṣé Verve ni méjì yẹn, àbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn? Inú POS, irú káàdì kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń mọ ìgbà tó máa béèrè PIN. Wọ́n lè ti tún ti ọ̀kan ṣe kí wọ́n gbàgbé ti èkejì. Ẹ sọ irú tí wọ́n jẹ́ kí n tó sọ nǹkan míì.